Papò dà

«Ipò» ni ibi tí ènìyàn wà. «Pa dà» ni kí á yí i. Ẹni tó papò dà ti kúrò láyé bọ́ sí ibòmíràn. Àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ: «Bàbá papò dà láàárọ̀ yìí.» Ọmọdé kì í papò dà, à á ní ó kú, tàbí ó ṣaláìsí. Má sì fi wàjà rọ́pò rẹ̀, torí ọba ló ń wàjà.

Ṣùgbọ́n ipò tún ni oyè tàbí àga iṣẹ́. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé «Ọ̀gá wa ti papò dà», ẹlòmíràn lè rò pé wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ní Ìlọrin, níbi tí a ti máa ń sin òkú Mùsùlùmí lọ́jọ́ tó kú gan-an, irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìrun òkú fo ènìyàn. Nínú ìkéde, kọ ọ́ pé: «Bàbá ti kú. A ó kírun sí i lára ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.» Ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn lè tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni «wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́»: ṣé ó ń padà bọ̀ ni àbí ó ti lọ pátápátá? Kọ «wọ́n lé e», tàbí «wọ́n ní kó jókòó sílé fún oṣù kan». Bí nọ́ọ̀sì bá sì bi aláìsàn bóyá ó ti lọ sẹ́yìnkùlé, kò tíì mọ̀ bóyá ìtọ̀ ni tàbí ìgbẹ́. Kó kúkú bi í léèrè ìgbẹ́.