Láti Etíkun Kọ́fù Dé Orí Ayélujára

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1946, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ń gba ọ̀nà omi Kọ́fù kọjá lẹ́bàá ilẹ̀ Albéníà nígbà tí àdó olóró abẹ́ omi bú mọ́ wọn. Atukọ̀ 44 ló kú. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé kò rí ẹni tó ri àdó náà mọ́lẹ̀ mú. Síbẹ̀, ní 1949, ó dá Albéníà lẹ́bi: ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ etíkun yẹn lójú méjèèjì, nítorí náà kò lè ṣàì mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ kan náà bá Gẹ̀ẹ́sì wí, torí pé ó padà wá kó àdó kúrò lójú omi Albéníà láìgba àṣẹ.

Òfin méjì ló jáde níbẹ̀. Ìjọba kan kò gbọdọ̀ wọ àgbègbè ìjọba mìíràn láìgbàṣẹ. Kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn níbi.

Ṣé òfin méjèèjì yìí dé orí ayélujára? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, ìjọba Ẹstóníà gbé ère jagunjagun Sófíẹ̀tì kan kúrò láàárín ìlú Tálìn. Lẹ́yìn náà, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kọ̀ǹpútà tí ọ̀daràn ti gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n káàkiri ayé ń rọ́ ìbéèrè lu ìkànnì ìjọba, báńkì àti ìwé ìròyìn, títí wọn ò fi lè dáhùn mọ́. Ìkọlù orí ayélujára náà kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì wó ilé, ìyẹn ni kò fi tó ohun tí òfin ń pè ní ogun. Ẹstóníà bẹ Rọ́ṣíà kó ràn án lọ́wọ́ láti wá àwọn tó wà nídìí rẹ̀; Rọ́ṣíà kọ̀.

Ní 2015, àwọn ògbógi láti orílẹ̀-èdè 20 ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ pé ó yẹ kí ìjọba má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀ rẹ̀ ṣe irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. “Ó yẹ” ni wọ́n kọ, wọn ò sọ ọ́ di dandan. Ní 2018, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò sí òfin pàtó kan tó ka wíwọ ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìgbàṣẹ sí rírú àṣẹ onílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Faransé sọ pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Ìṣọ̀kan Áfíríkà mú ìpinnu tirẹ̀ wá: kí ìjọba kan wọ ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ lòdì sófin, ojúṣe ìṣọ́ra, kí wọ́n má ti ilẹ̀ ẹni ṣe ẹlòmíràn níbi, sì jẹ́ dandan.

Mímọ̀ ló kù tó ṣòro. Ẹ̀ṣọ́ etíkun lè fojú rí ọkọ̀ tó ń ri àdó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè máà mọ̀ rárá. Lójú tèmi, ìwé ìfitónilétí ló lè tú okùn yìí: kí ẹni tí wọ́n ń kọlù kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ àti àkókò ìkọlù ránṣẹ́. Ìjọba tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ mọ́ pé òun ò mọ̀. Kò túmọ̀ sí pé òun ló kọlù wọ́n, ṣùgbọ́n ó di dandan kó ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Nítorí náà, kí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì tí ìwé náà yóò dé, àti òṣìṣẹ́ tó lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an.