Ọdún Tí Ìgbà Ooru Kò Dé: Ohun Tí Òkè Tambórà Ṣe sí Ojú Ọ̀run

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bóyá orí ibùsùn lẹ ti ń ka èyí lórí fóònù yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé yín lọ sí oṣù kẹfà ọdún 1816, ní ìpínlẹ̀ Fámọ́ǹtì, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

Ní ibẹ̀, oṣù kẹfà ni òtútù ti lọ pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ ti gbin àgbàdo, ó ti hù. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ní ìlú Kùbẹ́ẹ̀kì ní Kánádà, ó kún ilẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn èèyàn ní kò burú, wọ́n tún gbìn. Ní oṣù keje, ìrì dídì tún bọ́ sórí oko. Ní oṣù kẹjọ, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọdún tí kò ní ìgbà ooru ni wọ́n ń pe ọdún náà títí dòní.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Àwọn kan wo oòrùn, wọ́n rí àmì dúdú lára rẹ̀, wọ́n sì ní òun ló ń pa iná oòrùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: èèyàn kì í lè tẹjú mọ́ oòrùn ọ̀sán gangan. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí àmì yẹn láìsí awò ni pé nǹkan kan bí ìkùukùu gbígbẹ bo ojú ọ̀run, òjò kò fọ̀ ọ́ lọ, afẹ́fẹ́ kò gbá a lọ. Ìkùukùu yẹn gan-an ni ọ̀daràn tí wọ́n ń wá. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo oòrùn, oòrùn ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi.

Ká padà sẹ́yìn ní oṣù mẹ́rìnlá. Erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Sumbáwà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Òkè kan wà níbẹ̀, Tambórà, tó ga tó nǹkan bíi mítà 4,300. Òkè ayọnáyèéfín ni, ìyẹn òkè tí iná àti àpáta yíyọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1815, ó bú gbàmù. Ìró rẹ̀ dé erékùṣù Jáfà. Stamford Raffles tó ń ṣàkóso Jáfà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìró ìbọn àgbá ni wọ́n pè é. Wọ́n kó àwọn ọmọ ogun jáde, wọ́n sì rán ọkọ̀ ojú omi pé kó lọ wò ó bóyá ọkọ̀ kan wà nínú ewu létí òkun.

Àṣé ìyẹn kàn ń ṣe ìfáàrà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 10, òkè náà ya. Ọba ìlú Sanggar tó wà nítòsí sọ pé òun rí ọ̀wọ́ iná mẹ́ta tó dìde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì wá pàdé lókè. Wọ́n gbọ́ ìró yẹn ní Sùmátrà, ibi tó jìnnà ju Èkó sí Sàró lọ. Òkùnkùn bo ọ̀pọ̀ erékùṣù fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tí ojú mọ́, Tambórà kò ga ju nǹkan bíi mítà 2,850 lọ mọ́, ihò kan tó fẹ̀ tó kìlómítà 6 sì ti gba ipò orí rẹ̀. Àwọn tí iná pa lójú ẹsẹ̀ tó nǹkan bí 10,000. Àwọn tí ebi àti àìsàn pa lẹ́yìn náà pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, nítorí pé eérú ti bo oko àti omi. Raffles rán ọ̀gágun kan, Owen Phillips, pé kó kó ìrẹsì lọ fún wọn. Ọba Sanggar ló wá pàdé rẹ̀. Ebi ti pa ọmọbìnrin ọba yẹn kú.

Ó dáa. Òkè kan bú ní Indonéṣíà, yìnyín bọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Báwo ni méjèèjì ṣe pàdé?

Ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni eérú. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bo ojú ọ̀run tí oòrùn wá dà bí òṣùpá. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn á ní, ṣebí eérú òkè náà ló dí oòrùn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú òkè ayọnáyèéfín kì í ṣe eérú igi. Òkúta lílọ̀ àti ìgò wẹ́wẹ́ ni, ó sì wúwo. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti balẹ̀. Ó lè mú kí ọ̀sán dòru níbi tó bọ́ sí, ó lè wó òrùlé, ó lè pa ẹran ọ̀sìn, ṣùgbọ́n eérú oṣù kẹrin 1815 kò lè ṣì máa fò lójú ọ̀run ní oṣù kẹfà 1816.

Ohun tó kù lókè ni gáàsì imí ọjọ́. Ẹ mọ imí ọjọ́, òun ni Bíbélì ní ó rọ̀ lé Sódómù lórí. Tí ẹ bá ṣá ìṣáná, òórùn tó ta yín nímú lójú ẹsẹ̀ yẹn jẹ mọ́ ọn. Tambórà tú nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde. Tí tírélà kan bá ń kó 30 tọ́ọ̀nù, tírélà mílíọ̀nù méjì nìyẹn.

Ibi tó tú u dé wá ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ojú òfurufú ní ìpele. Ìpele ìsàlẹ̀ ni àwa wà, ibẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀, bí gáàsì imí ọjọ́ bá sì dúró síbẹ̀, òjò á fọ̀ ọ́ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele kejì wà lókè rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sitiratosífíà. Ní agbègbè tí oòrùn ti ń mú jù, ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà 16 sókè, ó ga ju ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà lọ. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Èéfín Tambórà wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì ga ju kìlómítà 40 lọ.

Nígbà tí gáàsì náà débẹ̀, ó pàdé ìwọ̀nba omi tó wà níbẹ̀, láàárín oṣù kan sí méjì ó di ásíìdì, irú ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ẹ̀kán rẹ̀ kéré débi pé tí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bóyá ni wọ́n fi máa fẹ̀ ju irun orí kan lọ. Ìwọ̀n kékeré yẹn gan-an ló burú, nítorí ó bá ìmọ́lẹ̀ oòrùn mu láti dá a padà sójú sánmà, kò sì wúwo tó láti tètè já bọ́. Tambórà wà nítòsí àárín ayé, nítorí náà afẹ́fẹ́ òkè tan ásíìdì yìí lọ sí àríwá àti gúúsù. Ọdún kan sí méjì ló gbà kó tó tán.

Báwo la ṣe mọ̀ pé gáàsì ni, pé kì í ṣe eérú? Òkè méjì ló jẹ́rìí. Ní oṣù karùn-ún 1980, Òkè Ṣẹ́ńtì Hẹ́lẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà bú. Eérú rẹ̀ bọ́ sí ìpínlẹ̀ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n gáàsì imí ọjọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ, ayé kò sì tutù tó ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ẹli Ṣìṣọ́nì bú ní Mẹ́síkò. Ariwo rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù ni gáàsì tirẹ̀, ìkùukùu ásíìdì rẹ̀ sì yí ayé po.

Ẹlẹ́rìí tó parí ẹjọ́ ni Pinatúbò ní orílẹ̀-èdè Filipíìnì, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1991. Lọ́tẹ̀ yìí, sátẹ́láìtì wà lókè, ó ń wò ó. Ó rí bíi mílíọ̀nù 15 sí 20 tọ́ọ̀nù gáàsì, ó sì rí i tó yí ayé po láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. James Hansen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, wọ́n sì kéde ṣáájú pé ayé máa tutù ní nǹkan bí ìdajì dígírì. Ní 1992, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tó fi máa di 1995, ooru ti padà sí bó ṣe wà. Mo fẹ́ràn èyí, torí ẹni tó bá lè sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, ó ti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: gáàsì Tambórà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti Pinatúbò lọ, ṣé ìtutù rẹ̀ náà wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta? Rárá. Tí ásíìdì bá pọ̀ jù lókè, àwọn ẹ̀kán á máa lu ara wọn, wọ́n á para pọ̀ di ńlá. Èyí tó bá ti tóbi kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti kékeré mọ́, ó sì máa ń tètè já bọ́. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi ìtutù 1816 sí ìdajì dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí a bá pín in kárí ayé.

Ìdajì dígírì! Ẹlòmíì á ní kí lèyí, rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù òun pàápàá kì í kà á. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni. Ibì kan lè má tutù rárá, kí ibòmíì sì fi dígírì mẹ́ta tutù. Àgbàdo kì í sì í kú nítorí ìpíndọ́gba, òru kan ṣoṣo tí ìrì bá dì ti tó. Ní Fámọ́ǹtì, ọ̀pọ̀ ìdílé ta ilẹ̀ wọn, wọ́n kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìdílé Joseph Smith, tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, tó wá dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ ní 1830. Ní Siwisáláńdì àti Jámánì, òjò ni kò dá, àlìkámà jẹrà lóko, búrẹ́dì gbówó lórí, àwọn èèyàn sì já wọ ilé ìkó-ọkà-sí. Ní Yùnánì ní Ṣáínà, òtútù ba ìrẹsì jẹ́, ìyàn sì mú fún ọdún bíi mẹ́ta.

Benjamin Franklin ti fura sí ọ̀rọ̀ yìí láti 1784, nígbà tí òkè kan bú ní Aisiláńdì tí òtútù sì mú ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó so Tambórà mọ́ 1816. Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti inú yìnyín Gírínláǹdì àti Àntátíkà. Yìnyín tó bọ́ lọ́dọọdún níbẹ̀ máa ń tò lé ara wọn bí ojú ewé ìwé, ásíìdì tó bọ́ lọ́dún náà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ásíìdì Tambórà wà ní òpin ayé méjèèjì.

Wọ́n tún rí òmíì tí wọn kò wá. Nísàlẹ̀ ti Tambórà díẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1809, ásíìdì mìíràn wà ní òpin ayé méjèèjì bákan náà. Òkè ńlá kan ti bú ní agbègbè àárín ayé ṣáájú Tambórà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ayé tutù kí ti 1815 tó wá gùn ún lẹ́yìn. A kò rí ìwé tó sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá òkè yẹn.