Lẹ́tà ìdarí aláìsàn sí oníṣègùn ọkàn

Lẹ́tà ìdarí aláìsàn sí oníṣègùn ọkàn jẹ́ ìwé tí dókítà ẹbí máa ń kọ nígbà tí ó bá ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà tí ó mọ̀ nípa àìsàn ọkàn ní pàtó. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ: ìtàn àìsàn náà, oògùn tí aláìsàn ń lò lọ́wọ́, àti ìbéèrè tí dókítà ẹbí fẹ́ kí a dáhùn. Ní ilẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè bá aláìsàn láti Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ìtàn àìsàn

Ìtàn náà máa ń tẹ̀lé bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ léraléra. A lè fi obìnrin ẹni ọdún 62 kan ní Ọ̀kà ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún 8. Ní oṣù kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní oṣù karùn-ún, èémí rẹ̀ kò tó mọ́ bí ó bá ń gun òkè, kò sì lè sùn láìlo ìrọ̀rí mẹ́ta. Dókítà kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 158/94, àti iye ìlù ọkàn rẹ̀, 88 ní ìṣẹ́jú kan, sílẹ̀. Ó sì fi àbájáde àyẹ̀wò kíndìnrín rẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn oògùn

Orúkọ oògùn nìkan kò tó. A ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, iye ìgbà tí a ń lò ó lójúmọ́, àti ọjọ́ tí a yí i padà. Obìnrin yìí ń lo amilodipíìnì mílígíráàmù 5, ṣùgbọ́n a sọ ọ́ di 10 ní oṣù kejì. Ọjọ́ yìí ṣe kókó, nítorí pé amilodipíìnì fúnra rẹ̀ lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀. Àgbo àti oògùn ara ríro tí aláìsàn ń rà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbupurofẹ́ẹ̀nì, fún àpẹẹrẹ, máa ń dá omi dúró sí ara, ó sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ìbéèrè pàtó

Bí lẹ́tà bá kàn sọ pé «ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀», oníṣègùn ọkàn lè tún iṣẹ́ tí a ti ṣe ṣe, kí ohun tí ń da dókítà ẹbí láàmú sì wà láìní ìdáhùn. Ìbéèrè tí ó bá obìnrin yìí mu ni: «Ṣé ọkàn tí kò lágbára mọ́ ni ó fa ẹsẹ̀ wíwú yìí, àbí amilodipíìnì? Bí ó bá jẹ́ oògùn ni, èwo ni kí a fi rọ́pò rẹ̀?» Oògùn náà lè ṣàlàyé ẹsẹ̀ wíwú, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé èémí tí kò tó nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀. Nítorí náà ni lẹ́tà ṣe ń béèrè pé kí a fi ẹ̀rọ olóhùn ya àwòrán ọkàn rẹ̀.

Ààlà rẹ̀

Lẹ́tà yìí wà fún àìsàn tí ó lè dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí àyà ń dùn gan-an níbi tí ó jókòó sí, tàbí tí ó dákú, kò gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni a ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.