Èèpo Ẹ̀gẹ́ àti Èérí Bíà fún Àgbò àti Ewúrẹ́ ní Èjìgbò: Bí a ṣe ń ṣe é àti Ibi tó yẹ kí a dúró

Ẹni tó ń sin àgbò tàbí ewúrẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní Èjìgbò kò ní pápá tí yóò kó wọn lọ jẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn ni èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàárì àti fùfú, àti èérí ọkà tí àwọn ilé iṣẹ́ apọntí, bí irú ti Ìgànmú, ń kó jáde. Méjèèjì jẹ́ oúnjẹ gidi fún ẹran, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewu tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo. Oró inú rẹ̀ pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí èèpo bá fọ́, sáyánáídì a máa jáde láti ara rẹ̀. Bí ó bá jáde sínú afẹ́fẹ́, yóò fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ inú ikùn ẹran ló ti jáde, ó lè pa ẹran náà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ yó yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, inú ẹnu rẹ̀ yóò sì pọ́n ju bó ti yẹ lọ. Ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.

Ìdí nìyí tí rírin èèpo fi sàn ju kí a kàn sá a lódindi lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2015 ni àwọn olùwádìí nípa ẹran ọ̀sìn àti ẹ̀gẹ́ ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ gàárì lè tẹ̀ lé. Wọ́n a ṣa òkúta àti ìdí ẹ̀gẹ́ líle kúrò, wọ́n a rin èèpo náà títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n a dì í sínú àpò, wọ́n a sì fi jáàkì fún un mọ́jú. Ní òwúrọ̀, wọ́n a tú u, wọ́n a fi ajọ̀ kù ú, wọ́n a sì sá a tẹ́ẹ́rẹ́ sórí tapólì tàbí kí wọ́n yan án bí gàárì. Bí oòrùn bá mú, ó lè gbẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó kúnná wà fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Èyí tó rí ṣákaṣàka wà fún àgbò àti ewúrẹ́. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ.

Èèpo tí a sá lódindi lè lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbẹ, àti ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò, ibẹ̀ sì ni ó ti ń bu. Ìbu ń mú oró mìíràn wá tí oòrùn kò lè lé lọ. Bí èèpo bá ti ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, tàbí tó ń rùn bí ògiri tó tutù, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ èyí tó dára.

Èérí bíà ní ohun tí èèpo kò ní, èyíinì ni èròjà amúdàgbà. A gbọ́ pé àwọn kan ń sá fún un nítorí Iléyá, pé ọtí wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: a ti yọ ọkà náà kúrò kí wọ́n tó fi ìwúkàrà sí omi rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni omi. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èérí tútù ni omi, nítorí náà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú ooru Èkó, ó ti bàjẹ́. Èyí tó dára ń run bí ọkà sísè. Èyí tó ti bàjẹ́ a máa kan gan-an, a sì máa yọ̀. Ẹ ra ìwọ̀n ọjọ́ méjì, tàbí kí ẹ sá a gbẹ.

Ẹ wo àgbò tó wọn kílógíráàmù 30. Lójúmọ́, ẹ lè fún un ní kílógíráàmù méjì koríko tútù, gíráàmù 300 èèpo gbígbẹ àti gíráàmù 200 èérí gbígbẹ. Bí èérí bá jẹ́ tútù, kó máa tó kílógíráàmù kan. Ẹ má yọ koríko kúrò, nítorí èèpo nìkan lè mú kí ikùn rẹ̀ wú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ sì máa fi kún un fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó pé.

Èérí ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, kálísíọ̀mù rẹ̀ sì kéré. Èyí ló ń fa òkúta kéékèèké sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ àgbò àti òbúkọ, tí ọ̀nà tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti abo lọ. Ẹ fi ṣíbí kékeré méjì ìkarahun òkun lílọ̀, èyí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ń tà, kún oúnjẹ ojoojúmọ́ náà, kí omi mímu má sì wọ́n wọn. Àgbò tó bá ń ká ara kò, tó ń gìn, tí ìtọ̀ kò sì jáde tàbí tó ń kán tó, tó, ti wà nínú ewu. Ẹ dáwọ́ èérí dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.