Ekòló, Afìrùfò àti Ìlà Iyèméjì

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti sọ ìwé àgbékọ́ kan di Yorùbá, ìyẹn ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbé kọ́ ara ògiri níbi àpérò wọn, kí ẹni tí ń kọjá lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan mọ ohun tí ẹlòmíràn fi ọjọ́ pípẹ́ wá nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní orí rẹ̀ gan-an ni kò kọ́kọ́ lanu fún mi. Bí mo bá pe àwọn tí a kà ní ẹranko, ẹtu àti ìgalà ni yóò sọ sí òǹkàwé lọ́kàn. Bí mo bá pè wọ́n ní kòkòrò, mo ti ti ekòló àti ìgbín mọ́ta. Bí mo bá sì ní ohun ẹlẹ́mìí, gbòǹgbò àti olú yóò bá wọn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ka ìwọ̀nyí. Mo wá kọ ọ́ pé ‘Àwọn ẹ̀dá tí ń rìn nínú ilẹ̀ oko’. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà. Ilẹ̀ ni mo sì kọ, n kò kọ erùpẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni í ṣe nígbà tí ó wà ní ipò rẹ̀, erùpẹ̀ ni ó dà nígbà tí a gbẹ́ ẹ sínú abọ́.

Ekòló, ikán, èèrà àti ọ̀kùn kò yọ mí lẹ́nu, nítorí ojú àwọn baba wa tó wọn, wọ́n sì ti sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn tíńtìntín ni ìṣòro, àwọn tí ọwọ́ kò lè ṣà, tí a fi ń lo àrọ tí Berlese ará Ítálì ṣe ní 1905, tí Tullgren ará Súwídìn sì fi gílóòbù iná kún ní 1918: a óò da erùpẹ̀ sórí asẹ́ lẹ́nu àrọ, iná yóò máa gbẹ ẹ́ láti òkè wá, àwọn ẹ̀dá náà yóò máa sá fún ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, títí wọn yóò fi já sínú ìgò ọtí líle. Ọ̀kan nínú wọn ká ìrù kan sábẹ́ ikùn; bí a bá fọwọ́ kàn án, ìrù náà a ta sílẹ̀, a sì gbé e fò. Afìrùfò ni mo sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe onímọ̀ ilẹ̀ sọ fún mi pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nínú wọn kò ní ìrù mọ́.’ Òtítọ́ ni. Ibi híhá tí wọ́n ń gbé kò gba fífò. Síbẹ̀ n kò yí i padà, nítorí a kì í gba orúkọ ìdílé lọ́wọ́ ọmọ tí kò jogún iṣẹ́ baba rẹ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìwé náà, àwòrán olópòó, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jùlọ. Ihò tí a gbẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 níbùú àti 25 lóòró, ó jìn tó 30. Irú rẹ̀ 16 ni yóò kún mítà kan níbùú lóòró. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ihò márùn-ún mú ekòló 2, 0, 7, 1 àti 5 wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3, òpó yóò sì ga dé 48. Ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ ‘ìpíndọ́gba nínú mítà kan’ yóò rò pé ekòló 48 ni a fi ọwọ́ kó.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró lórí òpó. Orúkọ tí òyìnbó fún un fara jọ àṣìṣe, bí mo bá sì kọ àṣìṣe, ṣe ni ará oko yóò béèrè ẹni tí ó ṣì í ṣe. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìlà yìí lè jẹ́. Bí ó bá ń sọ bí ihò ṣe jìnnà sí ara wọn, ìlà ìyàtọ̀ ni mo pè é, nínú àpẹẹrẹ wa yóò sì sún mọ́ 47, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òpó fúnra rẹ̀, nítorí ekòló a máa kó ara wọn jọ síbi ọ̀rinrin. Bí ó bá ń sọ bí a ṣe lè gbára lé ìpíndọ́gba tó, ìlà iyèméjì ni, yóò sì jẹ́ 21 péré. Bí a bá gbẹ́ ihò 20 dípò márùn-ún, tí ilẹ̀ kò sì yí ìwà padà, ìlà iyèméjì yóò dín sí ìdajì, ìlà ìyàtọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ èwo ni ó fà ti bo ojú òǹwòran.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, ìwé àgbékọ́ kò sì láyè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán náà ni: ‘Ihò márùn-ún, òfìfo kan wà nínú wọn. Òpó: ìpíndọ́gba nínú mítà kan níbùú lóòró. Ìlà: iyèméjì.’