Ìdábùú Ni, Kì í Ṣe Ìlà Àárín

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ lò fún dayamítà ló kó mi sí wàhálà. Mo ń kọ́ àwọn fọ́mánì nírọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ṣírò kọnkéré tí páìlì máa gbà, ìyẹn òpó tí a gbẹ́ ihò rẹ̀ wọnú ilẹ̀ kí a tó da kọnkéré sí i, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Lẹ́kí níbi tí ilẹ̀ òkè ti rọ̀. Mo kọ "ìlà àárín" sójú pátákó, mo sì ní kí wọ́n wọn páìpù irin ẹnu ihò náà. Sẹ̀ntímítà 60 ni ó jẹ́ láti etí dé etí. Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fa téèpù láti àárín gan-an dé etí, ó kọ 30. Ihò náà jìn ní mítà 15. Kíúbù 1.06 ni bàbá rí, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 4.24.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀yin lẹ ní ká wọn àárín," ni bàbá wí. "Ṣebí àárín náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

Mo tọrọ gáfárà. Bàbá ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ mi ló jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà, ìdábùú ni mo ń pè é. Bí igi bá wó dábùú ọ̀nà, gbogbo wa mọ̀ pé láti etí kan dé etí kejì ló dí i. Kò sẹ́ni tó máa rò pé àárín títì ni igi náà dúró sí. Ìlà tó ti àárín lọ sí etí, ààbọ̀ ìdábùú ni mo pè é. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ìdajì ni ohun tó mú dání.

Mo tilẹ̀ yọ ààbọ̀ náà kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 60, kí páìpù wa dúró sínú rẹ̀ kó kan ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣófo. Bí a bá yọ òfo igun náà, ohun tó kù jẹ́ 0.7854 àpótí. Nítorí náà, V = 0.7854 × d² × L, tí a bá fi mítà wọn ohun gbogbo. 0.6 lọ́nà 0.6 jẹ́ 0.36, lọ́nà 0.7854, ó di 0.2827, lọ́nà 15, ó di 4.24.

V yẹn ni mo pè ní ìkún, nítorí ìwọ̀n ti pọ̀ jù lẹ́nu wa: ìwọ̀n iṣu, ìwọ̀n oògùn, ìwọ̀n aṣọ. Ọmọkùnrin kan tí kò rí àmì ohùn tí mo fi sí i kà á ní "ikùn". Mi ò bá a jà. Ihò náà níkùn lóòótọ́.

L ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Gígùn kọnkéré ni L, jíjìn ihò sì yàtọ̀ sí i: kọnkéré lè má dé ojú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń dà á kọjá ibi tí páìlì máa parí sí, torí pé ẹrẹ̀ máa ń dàpọ̀ mọ́ ti òkè, a ó sì gé e dànù tó bá gan.

Ṣùgbọ́n ìdábùú ló lè tanni jù. Bí ilẹ̀ bá ya díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò, tí 60 di 65, ìkún máa di 4.98. Sẹ̀ntímítà 5 péré ti gba nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 lé e, nígbà tó jẹ́ pé odindi mítà kan ní jíjìn kò gbà ju kíúbù 0.28 lọ. Àfikún tí ihò gbé mì yìí ni mo ń pè ní àjẹjù. Àwọn fọ́mánì rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Kí la wá fẹ́ pe òdìkejì rẹ̀, nígbà tí kọnkéré bá ṣẹ́kù? Bàbá ọjọ́sí ló fún mi ní èyí: "Páìlì yẹn ti fún lọ́rùn." Ilẹ̀ ti wó wọnú ihò, ó sì ti fún òpó náà pọ̀ níbì kan tí ojú ò tó. Ẹ so irin kékeré mọ́ ẹnu téèpù, kí ẹ sì máa wọn ojú kọnkéré bó ṣe ń gòkè. Nínú ihò sẹ̀ntímítà 60, kíúbù kan yẹ kó gbé e sókè ní mítà 3.54. Bó bá gòkè kéré sí i, ihò ń jẹ àjẹjù. Owó nìyẹn ń bá lọ. Bó bá fò sókè dé mítà 4 ààbọ̀, ẹ má dúpẹ́ pé kọnkéré ṣẹ́kù. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ pe ẹ̀ńjíníà kí kọnkéré tó gan.