Àhesọ ọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́: Bí wọ́n ṣe ń tú u nígbà tó bá kan owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Kò sí ọ́fíìsì tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, tí orúkọ ẹnì kan sì wọ inú rẹ̀, àwọn tó jọ ń jẹun ọ̀sán lè má kí ara wọn mọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọ̀kan nínú ibi tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dáwó lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń yá ara wọn lówó nínú rẹ̀. Àkápò ẹgbẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí àhesọ nípa rẹ̀ fi ń yára ba ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo ọ́fíìsì jẹ́.

Òfófó, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti àhesọ kì í ṣe ọ̀kan náà

Òfófó ni kí èèyàn gbé ohun tí ẹnì kan sọ lọ bá ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ ọ̀gá, kó lè rí ojúrere. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́. Gbígbé tó ń gbé e kiri ni àléébù rẹ̀. Àwọn àgbà ní olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ọwọ́ ọ̀gá ni oògùn rẹ̀ wà. Bí ọ̀gá bá lè béèrè pé, "Ṣé kí n pè é kó wá gbọ́ ohun tó o sọ yìí?", kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ olófòófó yóò fi dín kù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni ti ìgbésí ayé ẹni: ta ló ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ta ló ra aṣọ olówó ńlá. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé jáde láti fi yanjú irú èyí. Ohun tó ń pa á ni kí ẹnì kan nínú àwọn tó jókòó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó dé, ká sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Àhesọ yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo èèyàn ni, tí kò sì lólówó. "Wọ́n ní" ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ àwọn tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó dáa nínú rẹ̀ ni pé a lè yẹ̀ ẹ́ wò: owó náà wà tàbí kò sí. Àṣìṣe tó ń mú un gbilẹ̀ ni kí ọ̀gá tọ́jú àhesọ bí ẹni ń tọ́jú òfófó, kó máa wá ẹni tó sọ ọ́ kiri. Gbogbo èèyàn á dákẹ́ lójú rẹ̀, wọ́n á sì gbà lọ́kàn wọn pé òótọ́ ló ń dùn ún.

Ohun tó ń bí àhesọ

Lọ́dún 1947, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Leo Postman, gbé ìwé jáde lórí àhesọ. Wọ́n ní ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kó tó lè rìn: kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì sí àwọn tó ń gbọ́ ọ, kí òtítọ́ ibẹ̀ sì ṣókùnkùn sí wọn. Bí ọ̀kan kò bá sí, àhesọ kò ní gbèrú. Èèyàn ò lè sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí owó rẹ̀ má ṣe pàtàkì sí i mọ́. Òkùnkùn yẹn nìkan ni ohun tí ọwọ́ lè tó.

Wọ́n tún dán an wò. Wọ́n fi àwòrán han ẹnì kan, kó ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i, kí ìyẹn náà sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi dé ẹnu ẹni karùn-ún tàbí ìkẹfà, nǹkan bí 70 nínú 100 kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ ti sọnù. Díẹ̀ tó kù á wá le sí i, á sì tẹ̀ sí ibi tí ọkàn àwọn tó ń sọ ọ́ ti wà tẹ́lẹ̀. Níbi iṣẹ́, "bóyá" àti "ó jọ bíi pé" jẹ́ ara ohun tó máa ń jábọ́ lójú ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní òṣìṣẹ́ 22 ló wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì kan, tí kálukú ń dá ₦10,000 lóṣù. Ẹ̀ka ìṣirò owó ló ń yọ ọ́ nínú owó oṣù, tí yóò sì fi ṣọwọ́ sí báńkì ẹgbẹ́. Lóṣù kẹfà, obìnrin kan béèrè láti yá ₦300,000 fún owó ilé ìwé ọmọ. Àkápò dá a lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, màmá." Kò sọ ìdí.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n rí àkápò nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan. Obìnrin náà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Wọn ò fún mi lówó, bóyá kò sí owó nílẹ̀." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kò sí owó nílẹ̀. Ẹnì kẹta fi ọkọ̀ kún un. Nígbà tó fi dé orí Wọ́tsáàpù, ó ti di pé àkápò fi owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀. Ẹnì kan sì ṣírò rẹ̀: 22 lọ́nà ₦10,000 fún oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦1,320,000, bẹ́ẹ̀ ₦200,000 péré ló kù ní báńkì. Wọ́n ní ₦1,120,000 ti dàwátì. Ènìyàn márùn-ún kọ̀wé pé kí wọ́n dá owó àwọn padà.

Ìṣirò ọ̀hún tọ̀nà, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Ẹni mẹ́ta ti yá ₦300,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ₦900,000. Owó oṣù kẹfà, ₦220,000, ti kúrò nínú owó oṣù wọn ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìṣirò owó kò tíì fi ránṣẹ́ sí báńkì. Méjèèjì jẹ́ ₦1,120,000 géérégé. Ìdí tí obìnrin yẹn ò fi rí owó yá nìyẹn: ₦200,000 kò lè di ₦300,000. Ọkọ àkápò ló ni ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tú u

Ohun àkọ́kọ́ ni kí alága ẹgbẹ́ kọ àhesọ náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, kó sì pín in sí wẹ́wẹ́. Nínú àpẹẹrẹ yìí, mẹ́ta ni: wọn ò fún ẹnì kan lówó, owó tó wà ní báńkì kò tó ohun tí wọ́n dá, àkápò fi owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́, ẹ̀kẹta nìkan ni irọ́. Bí alága bá jáde wá sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó ti rí iye tó wà ní báńkì kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kó bá àkápò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ìpàdé tó wáyé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n jọ gbé sílẹ̀: àkọsílẹ̀ báńkì fún oṣù mẹ́fà, ìwé àwọn tó yáwó pẹ̀lú ìfọwọ́sí wọn, àti ìwé láti ẹ̀ka ìṣirò owó tó fi hàn pé owó oṣù kẹfà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwé kẹta yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dí ihò tó kù.

Ní ìpàdé, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni kó ka ìwé náà, kì í ṣe àkápò. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí àwọn ìyókù yàn níbẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó jẹ́ òótọ́: èyí lohun tó wọlé, èyí lohun tó jáde, èyí lohun tó ṣì wà lọ́nà. Kò yẹ kí wọ́n máa tún àhesọ náà sọ léraléra kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, torí ẹni tó pẹ́ dé lè jẹ́ pé apá yẹn nìkan ló máa gbọ́. Wọn ò sì ní dárúkọ àwọn tó yáwó ní gbangba. Iye ènìyàn àti iye owó ti tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tuntun rọ́pò àhesọ àtijọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni kí wọ́n ti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé orí Wọ́tsáàpù ni orúkọ àkápò ti bàjẹ́, kí alága fi àbájáde ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìpàdé tí ènìyàn 12 wá kò lè wẹ orúkọ tó bàjẹ́ lójú ènìyàn 22 mọ́.

Ohun tí àkápò lè ṣe àti ohun tó yẹ kó yẹra fún

Ìbínú ló kọ́kọ́ máa ń wá. Bó bá ń lọ láti tábìlì dé tábìlì tó ń béèrè pé "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", ńṣe ló ń bá wọn tan ọ̀rọ̀ náà ká. Bó bá sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní ó sá ni. Ó dára kó béèrè fún àyẹ̀wò ìwé fúnra rẹ̀, kó kọ ọjọ́ tó béèrè sílẹ̀, kó sì tọ́jú àwòrán ohun tí wọ́n kọ sórí Wọ́tsáàpù. Bí ẹnì kan kò bá jáwọ́ lẹ́yìn tí òtítọ́ ti hàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àhesọ, ó ti di ìbanilórúkọjẹ́, èyí tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Àmọ́ kóòtù kì í dá àjọṣe padà.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Nígbà mìíràn, ìwé kì í bá ara wọn mu. Bí owó tó kù tí kò lálàyé bá wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀ nítorí àlàáfíà. Kí wọ́n dá gbígba owó dúró lọ́wọ́ àkápò, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójútó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, bí ẹgbẹ́ náà bá ti forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá yẹ ìwé wò.

Bó bá sì jẹ́ irọ́, àtúnṣe tó ń pẹ́ kò ju ìwé ojú kan lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: iye tó wọlé, iye tó wà lọ́wọ́ àwọn tó yáwó, iye tí ẹ̀ka ìṣirò owó kò tíì fi ránṣẹ́, àti iye tó kù. Kí ẹni tí wọn ò bá tíì fún lówó sì mọ ìdí àti ọjọ́ tí yóò rí i. Ẹgbẹ́ lè mọ̀ pé àhesọ ti ń kú bí àwọn tó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba owó àwọn bá gba ìwé wọn padà, tí òṣìṣẹ́ tó níbèèrè sì ń lọ bá àkápò tààrà dípò kó bi ẹni tó jókòó tì í.